Bí Mo Ṣe Wá Ibi Tó Dákẹ́ fún Etí Màámi

 Ní ìpàdé tá a ṣe kẹ́yìn, ẹnìkan bi mí pé kí ni mo fi ọlidé gígùn ṣe, mo ní mo mú màámi lọ sinmi nínú igbó. Ẹ rántí bí gbogbo yín ṣe rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín parí, bí ẹni mẹ́rin ló wá bá mi ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì pé ariwo ti sú àwọn òbí tiwọn náà, ní Èkó, ní Kánò, ní Pọta. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é. Àlàyé náà rèé, kò sì yá mi lára láti fi àṣìṣe ọwọ́ mi pamọ́ nínú rẹ̀.

Màámi ń lọ ata ní Múṣín. Ẹ̀rọ ìlọta méjì ló ní nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju kíláàsì wa ìdajì lọ, òrùlé páànù, ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí iná ìjọba ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ máa ń dún lẹ́yìn ilé, ti aránṣọ máa ń dún lápá ọ̀tún, ti onígígẹrun máa ń dún lápá òsì. Láti bí ọdún méjì ló ti ń sọ pé bí òun bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, etí òun máa ń hó yìì bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. A rò pé àárẹ̀ ni. Nígbà tó di pé ó ń ní ká tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́, a mú un lọ bá dókítà etí.

Ohun tí dókítà yẹn sọ ni mo fi ṣètò gbogbo ìrìn náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní inú etí ní àwọn irun kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àwọn ló ń gba ìró. Ariwo díẹ̀ máa ń mú kí wọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìsinmi, wọ́n á padà nàró. Ariwo ńlá lójoojúmọ́ máa ń pa wọ́n, èyí tó bá sì ti kú kì í hù mọ́. Ó ní àwọn onímọ̀ ka ariwo tó tó dẹ́síbẹ̀lì 85 sí èyí tí èèyàn lè fara dà fún wákàtí 8 lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà di ìdajì: ní 88, wákàtí 4, ní 91, wákàtí 2. Màámi bi í pé báwo lòun ṣe fẹ́ mọ iye tó jẹ́, òun ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo. Ó ní kò nílò rẹ̀. Bí o bá dúró sí ìwọ̀n apá kan sí ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀, tó sì di dandan kó o gbóhùn sókè kó tó gbọ́ ẹ, ariwo ibẹ̀ ti kọjá ààlà. Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Dókítà ní kó ra ìdètí tó máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́, kó sì kọ́kọ́ kúrò nínú ariwo fún ọjọ́ mélòó kan. Màámi ní ṣé kóun ti ilẹ̀kùn mọ́rí nílé ẹ̀gbọ́n òun, kóun má gbọ́ nǹkan kan rárá? Dókítà ní rárá o. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, bí ibi tó wà bá dákẹ́ jù, híhó yẹn nìkan ni yóò máa gbọ́, yóò wá dà bíi pé ó ń pọ̀ sí i. Ohun tó yẹ ẹ ni ibi tí ìró kékeré, tí kò le, wà: ewé tó ń mì, omi tó ń ṣàn, ẹyẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi kún un pé àárẹ̀ etí kì í lọ kíá, ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí méjì. Ìyẹn ni pé ìrìn àárọ̀-lọ-alẹ́-dé ò lè ṣe é. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ sun oorun ọjọ́ méjì.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ rèé. Àsìkò ọlidé Àjíǹde ni mo wálé, inú mi sì ń dùn láti fi hàn pé mo ti dàgbà. Mo wá ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Èkó tí àwòrán rẹ̀ kún fún igi lórí fóònù, mo sì mú màámi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Àwọn tó háyà pápá ibẹ̀ fún ìkómọ ti gbé sípíkà tó ga jù mí lọ kalẹ̀ sábẹ́ igi. Lẹ́yìn ògiri, títì márosẹ̀ ni. Wákàtí kan ààbọ̀ la lò. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, màámi ò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe máa bá mi wí lọ.

Mo wá rò ó pé igi ni mo wá lọ, n kò wá ibi tó dákẹ́. Nǹkan méjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé igi máa ń dí ariwo. Ìlà igi kan tàbí méjì ò dí nǹkan kan. Ó kàn ń dí ojú wa ká má rí ibi tí ariwo ti ń wá ni. Ohun tó ń pa ariwo ni ọ̀nà jíjìn. Ní gbangba, bí o bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ kan, ìró rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù. Tún lọ ìlọ́po méjì sí i, 6 mìíràn á tún lọ. Nítorí náà ọgbà kékeré tó wà létí títì, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ariwo títì ni wàá gbọ́ níbẹ̀. Ibi tó fẹ̀ ni kó o wá, tí àárín rẹ̀ jìnnà sí géètì.

Èkejì ni pé ìdákẹ́jẹ́ ní ọjọ́, ó ní wákàtí. Ọgbà kan náà tó dà bí ọjà ní Sátidé lè ṣófo ní Túsìdeè. Láti ìgbà yẹn, kí n tó yan ibì kankan, màá kọ́kọ́ pè wọ́n, màá bi wọ́n bóyá wọ́n ń háyà pápá fún òde àríyá, ọjọ́ wo ni wọ́n sì máa ń háyà rẹ̀. Màá béèrè bí ẹ̀rọ amúnáwá wọn ṣe jìnnà sí ibi tí àlejò ń sùn. Wọ́n máa ń yà pé ọmọ ilé ìwé ló ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dáhùn.

Nígbà tí ọlidé gígùn dé ní Ògọ́ọ̀sì, Ìbàdàn ni mo yàn. Ìdí kan ni pé Àǹtí mi, àbúrò màámi, ń gbé ní Mọníyà, owó ilé ìtura ò sí lọ́wọ́ wa. Ìdí kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, kì í wọ àárín ìlú Ìbàdàn rárá. Mọníyà ló parí sí, lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 157. Lójú títì Ọ̀yọ́ kan náà, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà, ni iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí IITA wà. Ẹ rí i pé màámi lè kúrò ní Èkó, kó dé ẹnu igbó, láìkọjá ní Bẹẹrẹ, láìkọjá ní Dùgbẹ̀, láìgbọ́ fèrè mọ́tò Ọjọ́ọ̀.

Ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀. Ilẹ̀ wọn tó hẹ́kítà 1,000, ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún kan lọ. Wọn ò fi gbogbo rẹ̀ dáko. Wọ́n fi èyí tó ju 300 hẹ́kítà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kó máa hù bó ṣe fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ ṣe padà di igbó. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, iṣin àti ìta wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gba ojú ọ̀nà wọ̀ bó bá ṣe wù ú. Géètì wà, ẹ̀ṣọ́ wà. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé ṣáájú, kí wọ́n dáhùn, kí orúkọ rẹ̀ sì wà ní géètì kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni Àǹtí ti bá wa kọ̀wé, tó ní a fẹ́ wá wo ẹyẹ láàárọ̀ Wẹ́sídeè àti Tọ́sìdeè, àwa mẹ́ta. Ẹni tó bá lówó lè sùn sínú ọgbà wọn níbẹ̀, wọ́n ní ilé àlejò; ìyẹn ló dára jù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lálẹ́ àkọ́kọ́.

Túsìdeè la wọ ọkọ̀. Mo ti yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ nítorí òde àríyá, mo sì yẹra fún alẹ́ Fúráìdeè nítorí ìṣọ́ òru. A ra tíkẹ́ẹ̀tì wa ṣáájú, a mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ọ̀sán la dé Mọníyà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn dára. Bó ṣe di aago mẹ́jọ, wọ́n mú iná lọ, aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ilé Àǹtí sì tan jẹnẹrétọ̀. Mo ti bi IITA ní gbogbo ìbéèrè, n kò bi Àǹtí mi ní ẹyọ kan! A gbé ẹní màámi kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, a gbé e lọ sí pálọ̀ iwájú. Ilé fúnra rẹ̀ ló wá dí ariwo náà, nítorí ògiri búlọ́ọ̀kù wúwo, kò dà bí ewé. Ó dín kù gan-an. Aago mọ́kànlá ni aládùúgbò náà pa á. Kí ilẹ̀ Wẹ́sídeè tó ṣú, Àǹtí ti lọ kí i, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Bàbá yẹn ò tàn án lálẹ́ kejì ju wákàtí kan lọ. Ọlọ́run á bá wa san án fún un.

Aago méje kù díẹ̀ la wọ igbó. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìgbàkígbà lẹ lè lọ. Ẹyẹ máa ń ké jù ní wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́; tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á dákẹ́, kòkòrò á wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìró kòkòrò ọ̀sán sì lè mú etí bí abẹ. Bọ̀ọ̀dá tó mú wa rìn ní ká wọ ṣòkòtò gígùn, ká ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí ìjàlọ. Mo ti ara mi bọ ìbọ̀sẹ̀ dáadáa. Àǹtí ní òun kì í ṣe ọmọdé, ó wọ sálúbàtà. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó bó ṣe fò sókè nígbà tó tẹ ọ̀wọ́ wọn. Ariwo rẹ̀ ni ariwo tó pọ̀ jù tí màámi gbọ́ láàárọ̀ náà.

Ọ̀nà tí bọ̀ọ̀dá náà gbà ń rìn yà mí lẹ́nu. Yóò rìn bí ìṣísẹ̀ ogún, yóò dúró, yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ó ní bí èèyàn bá ń rìn, ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbọ́, àwọn ẹyẹ náà sì ń gbọ́ ọ. Bí o bá dúró pẹ́, wọ́n á gbàgbé ẹ. Níbi tá a kọ́kọ́ dúró sí, mo ń ka ìró tó jẹ́ ti ọmọ aráyé: tírélà kan lójú títì Ọ̀yọ́, géètì kan tí wọ́n tì, ẹnìkan tó wúkọ́. Mẹ́ta. Nígbà tá a dúró lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti di òdo. Báyìí lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó dákẹ́ lóòótọ́: ká ìró èèyàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o sì wò bóyá o ń gbọ́ aṣọ ara ẹ nígbà tó o bá gbé apá.

Òrofó ké lókè. Lẹ́yìn náà àtíòro méjì fò kọjá, a gbọ́ ìyẹ́ apá wọn kedere. Bọ̀ọ̀dá náà sọ fún wa nípa ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ilẹ̀ wa, ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Akọ rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ọdún 1958 ni John Elgood fún un lórúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ Ìbàdàn ló sì fi pè é. Ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an. A nà ọrùn títí, mo rí ohun dúdú kan lókè àràbà, ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín pé òun ni.

Ibì kan wà tí màámi ti ní ká jẹ́ kóun jókòó lórí gbòǹgbò igi. Ó jókòó, ó di ojú. Ó pẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní, "Etí mi ṣì ń hó o, àmọ́ mi ò wá a kiri mọ́." Ohùn kékeré ló fi sọ ọ́, mo sì wà ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ohùn kékeré lẹ́nu màámi rí.

A kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá, a lọ sùn ọ̀sán. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, òjò kékeré rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀, a ò lè rìn jìnnà, ni a bá dúró lábẹ́ òrùlé kan, a ń gbọ́ òjò lórí ewé. Àǹtí ní owó wa ṣòfò. Màámi ní rárá. Kí n sọ òótọ́, Ògọ́ọ̀sì kì í ṣe oṣù tó dára jù; bí ẹ bá lè yan, ẹ lọ láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn a yà sí ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn. Yunifásítì náà ti wà láti 1948, àwọn igi tó wà níbẹ̀ ti dàgbà. Ó dára fún ẹni tí kò lè rìn nínú igbó, ẹni àgbà tí orúnkún ń dùn. Ọgbà Agodi náà wà nínú ìlú, odò Ògùnpa tó kún ní 1980 ló ba ti àtijọ́ jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti eré ọmọdé wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò lẹ máa gbádùn rẹ̀. N kò mú màámi débẹ̀.

Fúráìdeè la padà. Ẹ má rò pé ó ti sàn tán. Ohun tó ti kú nínú etí ti kú, híhó náà ṣì wà. Ohun tó yí padà ni pé ó sùn dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àti pé ó ti wá mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe rí, nítorí náà ó ń wọ ìdètí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, ó ní ó ń mú òun làágùn. Ó tún ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí òpin kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé, wáyà tuntun ló ná wa lówó.

Ó ní òun ń bọ̀ wá bẹ̀ mí wò níbí ní Oṣù Kọkànlá. Mo ti kọ̀wé sí APLORI, àwọn tó ń tọ́jú igbó Amurum ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos níbí. Ẹyẹ pupa kékeré kan wà láàárín àwọn àpáta ibẹ̀, etí ni wọ́n sì fi rí i. Ẹyẹ mìíràn tó máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ rẹ̀ máa ń sín orin rẹ̀ jẹ. Robert Payne gbọ́ orin náà lẹ́nu asínnijẹ yìí, kò mọ ẹyẹ tó ni ín, ó wá a lọ títí tó fi rí i, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1998. Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́rú là ń bọ̀, láàárọ̀, àwa méjì péré. Màámi ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀.